Gbàǹjo Tó Yí Owó Èkó Padà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé inú bọ́ọ̀sì ti pariwo jù, ẹ kò lè gbọ́ wa.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, mo gba Ìdúmọ̀tà kọjá lọ sí Balógun, mo fẹ́ kí àǹtí mi tó ń ta léèsì. Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, fóònù lọ́wọ́, kò tajà. Oníbàárà kan dé, ó na ọwọ́ sí léèsì aláwọ̀ ewé kan, ó béèrè iye rẹ̀. Àǹtí mi ní kó dúró ná. Ó tẹ ẹnì kan láago, ó ní, “Èló lẹ gbà á báyìí?” Ó gbọ́ èsì, ó pa fóònù, ó wá dá iye lé léèsì náà.

Obìnrin náà yanu. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé láàárọ̀ yìí kọ́ lẹ sọ iye mìíràn fún mi?”

Àǹtí mi ní, “Ọmọ mi, bí mo bá tà á fún ọ níye àárọ̀, n kò ní rí owó ra òmíràn.”

Ẹni tó ń tẹ̀ láago ni ẹni tó ń bá a ṣẹ́ dọ́là. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, dọ́là kan ti kọjá ₦1,800 lójú títì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦470 ni báǹkì ṣì ń pè é. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà ló dárúkọ ìjọba, wọ́n dárúkọ àwọn àbókí, wọ́n dárúkọ epo bẹntiróòlù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, n kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ keje oṣù Kejì yẹn gan-an, wọ́n ti ṣe gbàǹjo kan tó tún ọ̀nà tí owó ń gbà rìn ní orílẹ̀-èdè yìí ṣe. Ìtàn gbàǹjo yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí irú rẹ̀ rí.

Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Èkó kó tó di pé owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì borí. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ẹrù ọkùnrin kan ni. Owó náà kò bàjẹ́, kò ṣeé fi ayédèrú ṣe, láti òkun Íńdíà lọ́hùn-ún ló ti ń wá, ìdí nìyẹn tó fi níyì. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì láti ìlú Hámbọ́ọ̀gì rí i pé irú ẹyọ mìíràn wà ní agbègbè Sansibá, ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì fi ń rà á níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ O'Swald wà lára wọn. Wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń gbé e wá sí Èkó, wọ́n ń fi ra epo pupa. Ọkọ̀ kan dé, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹyọ pọ̀ débi pé ohun tí okùn kan ń rà tẹ́lẹ̀ kò ṣeé rà mọ́ àfi pẹ̀lú okùn púpọ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀kẹ́ ẹyọ pamọ́ sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé kò pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó di aláìní.

Kò sí báǹkì àpapọ̀ nígbà náà tó lè sọ pé kí ọkọ̀ má dé mọ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa mọ̀ sí CBN, ṣí ilẹ̀kùn. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó ṣì wà ní Ìta Tinúbú títí dòní, kò jìnnà sí Balógun rárá, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. (Ìta náà ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò ńlá tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856. Ìtàn tirẹ̀ tó odindi ètò kan.) Olú ilé iṣẹ́ CBN ti kó lọ sí Àbújá, ibẹ̀ náà sì ni ìgbìmọ̀ tó ń dá iye èlé, ìyẹn MPC, ti ń jókòó.

Ohun tí MPC ń dá ni wọ́n ń pè ní MPR. Èlé tí CBN fi ṣe òpó ni. Bí báǹkì kan bá nílò owó kánjúkánjú, tó sì lọ bá CBN yá, òpó yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò iye tó máa san. Bó bá wọ́n kí báǹkì tó rí owó yá, báǹkì náà á mú un wọ́n fún àwọn tó ń yá lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó ń yí kiri á dínkù, ọjà á sì rọra rọlẹ̀. Bí ìwé ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó wà nílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. MPR jẹ́ 18.75 pásẹ́ǹtì. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí NBS, àjọ tó ń ṣírò nǹkan lórílẹ̀-èdè, kéde fún oṣù Kejìlá ọdún 2023 jẹ́ 28.92 pásẹ́ǹtì. Ìjọba àpapọ̀ wá ṣe gbàǹjo tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ẹ mọ ohun tí bíìlì jẹ́? Ìwé gbèsè ìjọba ni, ti ọjọ́ 91, tàbí 182, tàbí 364. Ẹ ó san owó tí kò pé mílíọ̀nù kan lónìí, ìjọba á san mílíọ̀nù kan fún yín lọ́jọ́ tó bá pé, ohun tó wà láàárín ni èrè yín. Gbàǹjo ni lóòótọ́, kì í ṣe pé mò ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré: àwọn olùrà á kọ èlé tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ mú àwọn tó béèrè èlé kékeré, wọ́n á máa gòkè títí owó tí ìjọba ń wá á fi pé.

Lọ́jọ́ náà, bíìlì ọjọ́ 91 parí sí 2.44 pásẹ́ǹtì.

Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ń múra ètò yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá yá ìjọba ní mílíọ̀nù kan fún oṣù mẹ́ta, èrè rẹ̀ kò ju nǹkan bí ₦6,000 lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta kan náà, bí ọjà bá ń gbówó lórí bó ṣe ń ṣe nígbà yẹn, ohun tó jẹ́ mílíọ̀nù kan á ti di nǹkan bí ₦1,065,000. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi gbà bẹ́ẹ̀? Àti pé báwo ni CBN ṣe ń pe 18.75, tí ọjà sì ń pe 2.44?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ owó ẹyọ. Owó ti pọ̀ jù nínú àwọn báǹkì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Godwin Emefiele jẹ́ gómìnà CBN, báǹkì àpapọ̀ ń yá ìjọba lówó tààrà bí owó ìjọba kò bá tó ná. Gbèsè yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ní 2023, tríliọ̀nù 22.7 náírà ni wọ́n sọ di ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Ọkọ̀ Sansibá ti tún dé, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò gba ojú omi wá. Nígbà tí owó bá ti kún inú báǹkì, kò sí báǹkì tí yóò lọ bá CBN yáwó, nítorí náà MPR á kàn di nọ́ńbà tí wọ́n ń kà nínú ìròyìn. Àwọn báǹkì àti àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ń wá ibi tí wọn yóò kó owó sí, wọ́n ń du bíìlì mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èlé rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Owó tí kò bá rí ibẹ̀ gbà, dọ́là ló ń wá lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èlé CBN ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ má wo MPR nìkan. Ẹ wo iye tí gbàǹjo bíìlì parí sí. Bí ọ̀nà méjèèjì bá jìnnà síra, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ohun tó tún mú un burú ni pé MPC kò jókòó. Wọ́n jókòó ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n fi ìdá mẹ́rin pásẹ́ǹtì kan kún èlé. Lẹ́yìn náà, Yẹmí Cardoso gba ipò gómìnà ní oṣù Kẹsàn-án. (Ẹni tó bá mọ Popo Àgùdà mọ irú ìdílé tí orúkọ yẹn ti ń wá.) Ìpàdé oṣù Kẹsàn-án kò wáyé, ti oṣù Kọkànlá náà kò wáyé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀wọ́ngógó ń lọ sókè lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò dọ́là kì í dúró de ẹni tó dákẹ́.

Ó wá di ọjọ́ keje oṣù Kejì. Ìjọba gbé bíìlì tó tó tríliọ̀nù kan náírà wá sí gbàǹjo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó yẹn pọ̀ ju ohun tí wọ́n máa ń wá lọ. Ẹni tó ń wá owó púpọ̀ kò lè yan àwọn tó béèrè èlé kékeré nìkan, ó ní láti gòkè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń béèrè èlé gidi. Ọjọ́ 91 parí sí 17.24 pásẹ́ǹtì. Ọjọ́ 182 parí sí 18. Ọjọ́ 364 parí sí 19. Mílíọ̀nù kan tó ń mú ₦6,000 wá fún oṣù mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ti wá ń mú nǹkan bí ₦43,000 wá. Ẹ sì kíyè sí i pé MPC kò tíì pàdé lọ́jọ́ náà. MPR ṣì wà ní 18.75. Owó ti gbọ́ kí ìkéde tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó fara gbá a. Ká sọ pé ẹnì kan ra bíìlì ọjọ́ 364 ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní. 8.40 pásẹ́ǹtì ni tirẹ̀, nítorí náà ó san nǹkan bí ₦916,000, kó lè gba mílíọ̀nù kan lẹ́yìn ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, ọmọ rẹ̀ nílò owó ilé ìwé, ó fẹ́ ta bíìlì náà. Ta ni yóò rà á ní ₦916,000 nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ta tuntun ní nǹkan bí ₦810,500? Ọjọ́ tó kù lórí tirẹ̀ jẹ́ 336. Bí a bá fi 19 pásẹ́ǹtì ṣírò rẹ̀, ₦825,000 ló tó. Ó ti pàdánù nǹkan bí ₦91,000 láàárín oṣù kan, lórí ohun tí wọ́n sọ fún un pé kò léwu. Bó bá dúró dé òpin, mílíọ̀nù rẹ̀ á pé, kò sẹ́ni tó jí i. Àmọ́ ẹni tó bá ní láti tà kó tó tó àkókò ló máa jẹ ẹ́. Bọ́ǹdì náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé tirẹ̀ tún le jù nítorí ọdún tó kù lórí rẹ̀ máa ń pọ̀. Èlé ọjà gòkè, iye ìwé gbèsè àtijọ́ já wálẹ̀. Èlé ọjà já, iye rẹ̀ gòkè. Bíi jángírọ́fà àwọn ọmọdé ni.

Kí ló wá kan dọ́là àǹtí mi?

Ẹ jókòó sí àga ẹnì kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń bójú tó owó àwọn ẹlòmíràn. Ó ní $1,000. Ó gbé e wá sí Nàìjíríà nígbà tí dọ́là jẹ́ ₦1,500, ó di mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ó fi ra bíìlì ọdún kan ní 19 pásẹ́ǹtì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìjọba á san nǹkan bí ₦1,850,000 fún un. Bí dọ́là bá ṣì wà ní ₦1,500, ó máa kó nǹkan bí $1,234 lọ sílé. Bí dọ́là bá di ₦1,850, $1,000 rẹ̀ ló gbà padà, kò jèrè kankan. Bó bá di ₦2,000, $925 ló kù. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé dọ́là máa kọjá ₦1,850 láàárín ọdún kan?

Ẹ wá fi bíìlì 8.40 pásẹ́ǹtì ti oṣù Kìíní ṣe ìṣirò kan náà. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ á di nǹkan bí ₦1,637,000 lásán. Bí dọ́là bá fi ₦140 gòkè, èrè rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ti rí bí náírà ṣe rìn ní 2023 kò lè fi owó ẹlòmíràn ṣe irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà èlé kì í ṣe idán tó ń fa dọ́là. Àyè àṣìṣe ló ń fún ẹni tó ń gbé dọ́là wọlé. Bí èlé bá ṣe ga tó ni àyè yẹn ṣe fẹ̀ tó.

Ibí yìí ni nọ́ńbà ọ̀wọ́ngógó ti ń wọlé. NBS máa ń gbé e jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, ó sì máa ń sọ nípa oṣù tó kọjá. Ní àárín oṣù Kejì, wọ́n kéde 29.90 fún oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ wa ń rò pé bí nọ́ńbà bá burú, owó ìlú á ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí àwọn tó ń ra bọ́ǹdì ń béèrè ni pé, kí ni nọ́ńbà yìí máa mú kí CBN ṣe? Bí wọ́n bá gbà pé CBN máa dáhùn, nọ́ńbà burúkú lè mú èlé gòkè, kó sì gbe náírà ró. Bí wọ́n bá gbà pé CBN máa sùn, nọ́ńbà kan náà á lé owó lọ. Láti oṣù Keje 2023 sí oṣù Kejì 2024, ohun tí wọ́n rí ni ẹni tó ń sùn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ó jí. MPC gbé MPR láti 18.75 sí 22.75, pásẹ́ǹtì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ lójú tèmi, ohun kejì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ló wúwo jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn kò pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé owó tí báǹkì gbọ́dọ̀ tì mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ CBN láti 32.5 sí 45 pásẹ́ǹtì. Nínú gbogbo ₦100 tí ẹ bá fi sí báǹkì, ₦45 kò gbọ́dọ̀ jáde. Ìyẹn gan-an ni dídá ọkọ̀ ẹyọ dúró. Nígbà tí owó inú báǹkì bá gbẹ, MPR á ní agbára, nítorí àwọn báǹkì á ní láti wá owó yá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, wọ́n tún fi pásẹ́ǹtì méjì kún un, ó di 24.75.

Àwọn àbókí náà gba tiwọn. CBN bẹ̀rẹ̀ sí í ta dọ́là fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣẹ́ owó tó ní ìwé àṣẹ: ₦1,301 ní òpin oṣù Kejì, ₦1,251 ní oṣù Kẹta, ₦1,101 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, lẹ́yìn náà ₦1,021. Ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ 4,173 nínú wọn. Ẹni tó ti kó dọ́là pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, tó ń retí ₦2,000, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tà. Ní àárín oṣù Kẹrin, náírà ti padà sí ₦1,100 àti díẹ̀ ní ọjà ìjọba. Àǹtí mi sọ fún mi pé òun kò fẹ́ ra ọjà tuntun rárá lọ́sẹ̀ náà, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé léèsì tí òun rà nígbà tí dọ́là jẹ́ ₦1,800 máa di ẹrù sí òun lọ́rùn. Náírà tó ń lágbára, tó sì ń dun oníṣòwò. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa nílé ìwé.

Kò pẹ́ lọ títí. Ẹ padà sórí àga ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ó gbé $1,000 wọlé ní ₦1,500, náírà wá lágbára dé ₦1,150. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ rẹ̀ ti di nǹkan bí $1,304 láìtíì ka èlé mọ́ ọn. Kí ni yóò ṣe? Bí èmi bá ni, màá kó èrè mi lọ. Owó tó wá nítorí èlé lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló kọ́ sílẹ̀. Láàárín ìgbà kan náà, owó ilẹ̀ òkèèrè tí CBN kó pamọ́ wálẹ̀ láti nǹkan bí bílíọ̀nù 34 dọ́là sí bílíọ̀nù 32; Cardoso sọ pé gbèsè tí orílẹ̀-èdè san ló fà á, kì í ṣe pé àwọn ń gbèjà náírà. Ohun yòówù kó fà á, àwọn oníṣòwò rí i pé àpò náà ń fúyẹ́. Nígbà tí oṣù Karùn-ún fi máa parí, dọ́là ti padà sí nǹkan bí ₦1,480.

Àìlera ohun tí èlé lè ṣe nìyẹn. Ó lè pe owó wá, kò lè mú un jókòó. Kò sì lè gbin iṣu. Ní gbogbo ìgbà tí MPC ń gbé èlé sókè ní 2024, tí MPR fi di 27.50 ní oṣù Kọkànlá, ọ̀wọ́ngógó kò rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó di 34.80 ní oṣù Kejìlá. Epo bẹntiróòlù ń gbówó lórí, ọ̀nà oko léwu ní ọ̀pọ̀ ibi, owó ọkọ̀ tó ń gbé tòmátì wá sí Èkó kò sì béèrè lọ́wọ́ MPC kó tó fò sókè.

Lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Ní oṣù Kejì 2025, NBS kéde ọ̀wọ́ngógó oṣù Kìíní: 24.48 pásẹ́ǹtì. Láti 34.80! Àwọn kan lórí fóònù wa kọ ọ́ pé irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe pé gaàrí di ọ̀pọ̀ náà. Wọ́n yí ìwọ̀n padà ni. Ọdún 2009 ni wọ́n ti fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò. Wọ́n wá gbé e sí 2024, wọ́n sì tún apẹ̀rẹ̀ ọjà tí wọ́n ń wọ̀n tò. Oúnjẹ tó gba ju ìdajì apẹ̀rẹ̀ náà lọ tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìkéde náà, MPC parí ìpàdé, wọn kò gé kọ́bọ̀ kúrò nínú èlé, ó dúró sí 27.50. Àwọn náà mọ̀ pé ẹni tó pààrọ̀ òṣùwọ̀n kò tíì sanra, kò sì tíì rù.

Àmọ́ lórí òṣùwọ̀n tuntun yẹn, nọ́ńbà ń wálẹ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn náà. Ó di 20.12 fún oṣù Kẹjọ 2025. Ní oṣù Kẹsàn-án, MPC gé èlé fún ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ Cardoso, láti 27.50 sí 27. Kí wọ́n tó gé e ni àwọn tó ń ra bọ́ǹdì ti ń sáré. Ẹ rántí jángírọ́fà. Ní oṣù Kejì 2024, ìjọba ta bọ́ǹdì ọdún mẹ́wàá kan tó ń san 19 pásẹ́ǹtì lọ́dọọdún, tó máa parí ní 2034. Ká sọ pé ẹ ra ti mílíọ̀nù kan, ọdún mẹ́sàn-án ló kù, èlé ọjà wá já sí 16.5. Gbogbo ènìyàn á fẹ́ gba ₦190,000 yín ọdọọdún, nítorí wọn kò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bíi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń sanwó (ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́), nǹkan bí ₦1,113,000 ló tó. Ẹni tó ra nígbà tí gbogbo Balógun ń sunkún ló ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kọkànlá 2025, ọ̀wọ́ngógó tí wọ́n kéde jẹ́ 16.05. Ọ̀pọ̀ ń retí pé wọ́n máa tún gé èlé. MPC dì í mú ní 27. Àlàfo tó wà láàárín èlé àti ọ̀wọ́ngógó ti kọjá pásẹ́ǹtì mẹ́wàá, èyí tó jìnnà pátápátá sí oṣù Kìíní 2024 tí bíìlì wà ní 2.44. Lójú tèmi, ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn ni wọ́n ń wò. Wọn kò fẹ́ kí àyè àṣìṣe rẹ̀ dínkù lójijì kó má baà dìde.

Mo ka nọ́ńbà 16.05 náà fún àǹtí mi lórí fóònù. Ó ní, “Ṣé léèsì máa wálẹ̀ nìyẹn?” Mo ní rárá mà, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bó ṣe ń gòkè kò yá tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n dúró, oníbàárà ti dé. Mo gbọ́ tó ń pe iye ọjà fún obìnrin náà, kò sì tẹ ẹnikẹ́ni láago kó tó pè é.